Ọpọlọ Tí Mo Fi Yin Ọmọ Ọlọ́mọ

Ẹni ọdún 54 ni mí. Mo ń darí ẹ̀ka kan níbi iṣẹ́ wa, ènìyàn 14 ló wà lábẹ́ mi, mẹ́sàn-án nínú wọn kò sì tíì pé ọdún 27. Gbogbo wa la wà nínú gúrúùpù WhatsApp kan. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń da ìbéèrè iṣẹ́ sílẹ̀ láràárọ̀: bí oníbàárà bá mú ẹ̀sùn báyìí-báyìí wá, kí ni ẹ máa ṣe? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n a dáhùn, àwọn yòókù a lẹ ímójì mọ́ ìdáhùn rẹ̀. Mo rò pé mo mọ gbogbo ohun tó ń lọ níbẹ̀. Láàárín oṣù méjì, mo fìyà jẹ ẹni tí kò ṣẹ̀, mo sì bá àwọn tó ń ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Agbárí ló kọ́kọ́ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo kọ ọ́ sí gúrúùpù pé mo ti ń wá awò ojú mi láti ìgbà tí mo ti jí, àṣé ojú mi ló wà. Mo kàn fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn àgbà inú wa fi 😂 sí i. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́rin lọ lọ́dọ̀ wa fi èyí dá mi lóhùn: 💀💀💀

Àyà mi já. Ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún lè máa rò pé àsọdùn ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi. Mo ti sin àbúrò mi kan lọ́dún tó ṣáájú. Mo wá ń sọ̀rọ̀ awò ojú tí mi ò rí, ìyẹn ni pé mo ń dàgbà, ẹnì kan sì to agbárí òkú mẹ́ta síwájú mi. Ohun tí mo kà níbẹ̀ ni pé ìwọ ló kàn. Mo da fóònù dojú bolẹ̀ sórí tábìlì, mo sì jókòó, mi ò lè ṣe nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo pè é wọ ọ́fíìsì. Mo ní, "Kí ni mo fi ṣe ọ́ tí o fi ń fi ikú lọ̀ mí?"

Ó yà á lẹ́nu débi pé ó kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn ni mò ń bá wí. Ó ní, "Ẹ̀rín ni, mà. Ọ̀rọ̀ yín ló pa mí lẹ́rìn-ín."

Mo ní irọ́ ni. Mo ní ẹ̀rín ní ojú tirẹ̀, ọmọdé jòjòló gan-an mọ̀ ọ́n, mo sì fi 😂 hàn án lórí fóònù mi.

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Àwa kì í sábà lo ìyẹn mọ́, mà."

Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ìgbà tí ọmọ bá ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìdí aṣọ rẹ̀ ti ya. Èmi kà á sí àrífín kejì. Mo kọ lẹ́tà ìkìlọ̀, mo fi sínú fáìlì rẹ̀ kí n tó jáde lọ́jọ́ náà.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò yẹ kí ó ṣòro fún mi. Ojoojúmọ́ ni èmi náà ń sọ pé ẹ̀rín pa mí, pé ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi. Ẹni tí ẹ̀rín bá pa, kí ló máa ṣẹ́kù lára rẹ̀ bí kò ṣe agbárí? Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an ni ọmọ yẹn yà ní àwòrán. Ọ̀dọ̀ mi ni nǹkan ti dúró sójú kan. Ní 2015, àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford mú 😂 ní ọ̀rọ̀ ọdún náà, ìyẹn ni ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi kọ́ ọ. Nígbà tó fi máa di 2021, àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ẹni tó bá lò ó ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbà ni, wọ́n ti kó lọ sórí 💀 àti 😭. Ẹkún tiwa ti di ẹ̀rín tiwọn.

Ibi tí mo ti ń ṣọ́ agbárí ni ọpọlọ ti gba ẹ̀yìn mi kọjá.

Ọ̀dọ́bìnrin kan wà nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn, ẹni ọdún 23. Bó bá dáhùn ìbéèrè, á kọ́kọ́ sọ ohun tí èèyàn máa ṣe, lẹ́yìn náà á sọ òfin tó gbé e ró, kò sì ní ju ìlà mẹ́rin lọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ 🧠 mọ́ ìdáhùn rẹ̀. Ní tèmi, ọpọlọ kì í ṣe àdììtú. Ọlọ́pọlọ pípé ni wọ́n ń pè é. Inú mi tiẹ̀ dùn, mo ń sọ lọ́kàn ara mi pé ayé ti ń dára, ọkùnrin ń yin obìnrin níbi iṣẹ́ láìjowú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó dáhùn ìbéèrè kan tí èmi gan-an rò pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n. Méjì nínú wọn lẹ 🧠 mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta kọ ti tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀: 🧠👅. Mo rí ahọ́n yẹn, mo kà á sí eré ọmọdé. Èmi náà wá tẹ ọpọlọ mọ́ ìdáhùn náà. Kò tó mi. Mo tún kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Ẹ wo 🧠! Irú èyí ni mo fẹ́ kí ó máa fún wa lójoojúmọ́."

Agbárí àti ojú ẹlẹ́kún rọ̀ bí òjò sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi. Lákòókò yẹn, mo ti gbà díẹ̀díẹ̀ pé ẹ̀rín lè jẹ́ ìtumọ̀ wọn. Mi ò bi ara mi pé kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ náà kò dáhùn nínú gúrúùpù mọ́. Ó ń fi ìdáhùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi nìkan. Mo bá a wí pé kó má ṣe fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Ọjọ́ 12 lẹ́yìn náà, ó kọ̀wé pé kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀ka mìíràn.

Mo pè é, mo ti ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ kó tó lajú wò mí. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ẹ̀yin náà fi sí i, mà."

"Kí ni mo fi sí kí ni?"

Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó wá ìdáhùn yẹn, ó na ìka sí ọpọlọ. Orúkọ mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú tàwọn yòókù. Kò lè fi ẹnu rẹ̀ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó tẹ̀ ẹ́ sójú fóònù, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ìgboro, "orí" ni wọ́n ń pe ìbálòpọ̀ tí a ń fi ẹnu ṣe. Inú orí ni ọpọlọ wà. Bí ọpọlọ ṣe di àmì rẹ̀ nìyẹn. Wọn kò yin iṣẹ́ ọmọ yẹn rárá, ì báà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Èmi, ọ̀gá rẹ̀, obìnrin bíi tirẹ̀, ti kọ ọ́ sójú gbogbo ẹ̀ka pé mo fẹ́ kí ó máa fún wa lójoojúmọ́.

Mi ò rántí ohun tí mo sọ. Mo rántí pé mo fi fóònù rẹ̀ lé e lọ́wọ́ padà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Mo ti ronú gan-an lórí ìdí tí mi ò fi lè já a fúnra mi. Oríṣi ímójì méjì ló ní ìtumọ̀ tó fara pamọ́. Irú kan, ojú lèèyàn fi ń mọ̀ ọ́n. Ìgbá aláwọ̀ àlùkò, 🍆, jọ nǹkan ọkùnrin, àgbàlagbà tó bá tẹjú mọ́ ọn á mọ̀. Ọdún 2010 ló wọ ìwé Unicode, níbi tí wọ́n ti ń fún ímójì kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà. Nígbà tó di 2015 tí Instagram fún àwọn èèyàn láyè láti máa fi ímójì wá àwòrán, wọ́n yọ ìgbá sílẹ̀. Irú kejì kò jọ ohun tó túmọ̀ sí rárá. Orí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dúró lé. Fìlà, 🧢, jẹ́ "irọ́ ni" nítorí pé fìlà ni Gẹ̀ẹ́sì ìgboro ń pe irọ́. Àgbàdo, 🌽, jẹ́ àwòrán oníhòhò nítorí pé orúkọ méjèèjì jọra létí ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí èèyàn bá fi ìtumọ̀ Yorùbá wo irú kejì yìí, á ṣì í kà ní gbogbo ìgbà. Ewúrẹ́ ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Bí ẹnì kan bá pè ọ́ ní ewúrẹ́ ní Yorùbá, ó ti bú ọ. Bí ọ̀dọ́ bá fi 🐐 ránṣẹ́ sí ọ, ó ní kò sẹ́ni tó tó ọ rí, nítorí lẹ́tà mẹ́rin tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń kọ ewúrẹ́ ni ìkékúrú ọ̀rọ̀ náà.

Wàyí o, mo ṣe àṣìṣe kẹta, òun ló sì bà wá nínú jẹ́ jù níkẹyìn. Inú ń bí mi. Ní aago méje alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ ọ́ sí gúrúùpù pé mo ti mọ ohun tí ọpọlọ túmọ̀ sí, pé lọ́la a máa rí ara wa. Mo rò pé mò ń fi ọwọ́ agbára hàn wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, méjì nínú àwọn mẹ́ta ti yọ gbogbo ọpọlọ tí wọ́n lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn kọ tó sì pa rẹ́ ní WhatsApp máa ń fi àpá sílẹ̀, pé ọ̀rọ̀ kan ti wà níbí. Ímójì tí a lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kì í fi nǹkan kan sílẹ̀. Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ lè yọ ọ́ nígbà tó bá wù ú, á sì dà bí ẹni pé kò débẹ̀ rí. Mo tiẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ inú gúrúùpù jáde sí fáìlì kan, mo rò pé mo ti ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ni mo bá nínú fáìlì náà, mi ò bá ímójì kankan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn.

Ẹ ya àwòrán ojú fóònù kí ẹ tó la ẹnu. Ẹ tẹ ímójì náà kí orúkọ àwọn tó lẹ̀ ẹ́ yọ sókè, kí ẹ sì ya ìyẹn pẹ̀lú, nítorí àwòrán tí kò ní orúkọ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ọmọ náà gbọ́n jù mí lọ, ó ti ya mẹ́rin pamọ́.

Ní ìjókòó pẹ̀lú àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ohun tí mo ti ń retí ni wọ́n sọ. Ọpọlọ ni ọpọlọ, wọ́n ní ìyìn ni. Ọ̀kan nínú wọn wá yíjú sí mi: "Ìyá wa náà fi sí i." Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kìíní ó jẹ́ ẹkún, lẹ́ẹ̀kejì wọ́n fi ṣe asà. Ìyẹn ni gbogbo èrè irú èébú yìí. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí o lè kà sókè, Unicode fúnra rẹ̀ ò kọ nǹkan míì síwájú rẹ̀ ju "ọpọlọ" lọ, ẹni tí wọ́n bú ló sì máa wá tú aṣọ ara rẹ̀ níwájú àjèjì kí ó tó lè ṣàlàyé.

Ẹ̀mí mi kò gbà á. Mo padà lọ gbára lé àwọn ọpọlọ tí ẹni kẹta lẹ̀, ẹni tí kò yọ tirẹ̀ kúrò, mo sì ka gbogbo ìdáhùn tó wọ gúrúùpù láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọ̀dọ́bìnrin yìí dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá. Ọpọlọ wà lábẹ́ 11 nínú wọn. Ọ̀gbẹ́ni kan wà láàárín wa, ẹni ọdún 49, tó dáhùn lẹ́ẹ̀mọ́kàndínlógún, tí ìdáhùn rẹ̀ sì dára. Ọpọlọ tirẹ̀ jẹ́ òdo. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń yìn, kí ló dé tí obìnrin kan ṣoṣo ló ní ọpọlọ? Mo tún wo ohun tó ń tẹ̀lé e. Níbi tí wọ́n ti fi 👏 yin ọ̀gbẹ́ni yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Níbi tí ọpọlọ bá ti wà, ẹ̀rín máa ń tẹ̀ lé e, ẹ̀rín náà sì ń pọ̀ sí i. Ìyìn kì í pa ẹni tó ń wòran lẹ́rìn-ín. Ahọ́n yẹn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò sẹ́ni tó rí iṣẹ́ tó lè fún un ṣe. Orí nǹkan mẹ́ta yìí la dúró lé: ta ni wọ́n ń fi í fún, kí ló ń bá a rìn, àwọn wo ló ń rẹ́rìn-ín sí i. Ìtumọ̀ ímójì náà gan-an kò tiẹ̀ pọn dandan mọ́.

Ẹnu ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn tó lágbára jù mí lọ ti ṣubú. Ní oṣù Keje 2021, lẹ́yìn tí England pàdánù àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù Yúróòpù, wọ́n da ímójì ọ̀bọ sí ojú ewé Instagram Rashford, Sancho àti Saka, àwọn agbábọ́ọ̀lù dúdú mẹ́ta tí kò rí pẹnáritì gbá wọlé. Àwọn tó fẹjọ́ sùn gba èsì pé àwọn ọ̀rọ̀ náà kò rú òfin. Ọ̀gá Instagram jáde wá lẹ́yìn náà láti gbà pé ẹ̀rọ àwọn ti ṣèṣì ka díẹ̀ nínú wọn sí ọ̀rọ̀ tí kò léwu. Ọ̀bọ lásán kò léwu lóòótọ́. Ojú ewé ẹni tí wọ́n gbé e sí ló sọ ọ́ di èébú.

Ẹni tó kọ 🧠👅 sílẹ̀ ni wọ́n dá dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn méjì yòókù gba ìkìlọ̀ nìkan, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo kọ ní aago méje alẹ́. Ọmọ náà ṣì lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Mo bẹ̀ ẹ́, ó dáríjì mí, àmọ́ ó lọ.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó rántí ọ̀dọ́kùnrin tó fi agbárí dá mi lóhùn. Mo ti lo oṣù méjì láìbá a sọ̀rọ̀ kọjá iṣẹ́. Mo lọ bá a níbi tó jókòó sí, mo ní kó dárí jì mí, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó sọ fún mi bí ímójì tèmi ṣe ń rí lójú wọn. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tí mo tẹnu mọ́ ọn, ó ní, "Tí ẹ bá bá wa wí tán, tí ẹ wá fi 🙂 parí rẹ̀, mà, ẹ̀rù máa ń bà wá." Ẹ̀rín músẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n sí, èmi fi ń tu ọ̀rọ̀ lójú ni. Lójú wọn, ẹ̀rín ẹni tó ń lọ eyín pọ̀ ni. Ó ní 👍 náà rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn míì nínú wọn, ó dà bíi "mo ti gbọ́, fi mí sílẹ̀". Ó yára fi kún un pé kì í ṣe gbogbo wọn, pé ẹ̀gbọ́n òun tó jẹ́ ẹni ọdún 31 ń lò ó dáadáa. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi ìtumọ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo bá sọ fún mi dá ẹjọ́ mọ́. Mo máa ń bi ẹni méjì tí ọjọ́ orí wọn jìnnà síra.

Mo yọ lẹ́tà ìkìlọ̀ yẹn kúrò nínú fáìlì rẹ̀, mo ya á, mo ya àwòrán bébà tó ya náà, mo sì fi ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtọrọ-àforíjì tó gùn díẹ̀. Ó kà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èsì rẹ̀ dé:

👍

Mo wò ó títí. Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì fi fóònù pè é.